Òórùn Èbu Nínú Éésì Ọkọ̀: Láti Ojú Fílítà Dé Ara Kọ́ìlì

Òórùn tó máa ń ti ihò éésì ọkọ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ kó tó gbẹ, ara irin tútù kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti ń wá. Ifapọ́rétọ̀ ni irin náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún éésì ọkọ̀ ṣe ń pè é. Èbu àti kòkòrò àìfojúrí ló ń gbilẹ̀ sí i lára, nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ọ̀rinrin kì í tán níbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò sì wọ́n wọn. Bí búlówà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, atẹ́gùn á gba àárín irin náà kọjá, á sì kó òórùn rẹ̀ wá bá àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́ìlì á tutù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí rẹ̀, òórùn náà á sì rọlẹ̀. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ awakọ̀ jẹ nìyí: wọ́n á rò pé ó ti lọ, àfi ìgbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tó tún kí wọn káàárọ̀.

Kọ́ìlì náà jẹ́ àkójọ ọ̀pá aluminiọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún àárín wọn pítipìti. Gáàsì tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń tì kiri máa ń wọ inú rẹ̀ bí omi, á sì di afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe ń yí padà bẹ́ẹ̀ ló ń fa ooru mọ́ra, tí ara irin náà fi ń tutù dé nǹkan bíi dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 2 sí 8. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣọ́ ìtutù yìí, tó ń dá kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ dúró kí omi tó di yìnyín lára kọ́ìlì. Atẹ́gùn tí búlówà bá fẹ́ kọjá lára irin tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé gbogbo omi tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ó di dandan kó sọ díẹ̀ kalẹ̀.

Omi yìí pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, pàápàá ní ìlú tó wà létí òkun bí Èkó. Lákòókò òjò, atẹ́gùn tó bá kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, máa ń ní omi tó tó nǹkan bíi gíráàmù 20 nínú. Tí éésì bá mú un tutù dé dígírì 10, kò lè gbé ju gíráàmù 9 àti díẹ̀ lọ, ìyókù á sì wà lára kọ́ìlì. Búlówà tó ń fẹ́ níwọ̀ntunwọ̀nsì lè ti irú àpótí atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ 200 kọjá láàárín wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó bá ń gba atẹ́gùn ìta sínú láti Ìkòròdú dé Erékùṣù Èkó lè da omi tó lítà méjì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí po, omi náà á kéré sí i, torí pé atẹ́gùn tó ti sọ omi rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló tún ń padà wá.

Omi tó bá ń kán lára kọ́ìlì ń bọ́ sínú àwo kan nísàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà kékeré kan á sì gbé e gba inú irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà, títí yóò fi kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni omi tí àwọn ènìyàn máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n pé rédíétọ̀ ń jò. Kò sí aburú nínú rẹ̀. Inú ibi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì ni wàhálà wà. Àárín àwọn ewé irin náà há débi pé omi á dúró síbẹ̀, kò ní kán. Kò ní pẹ́ tí kọ́ìlì á fi padà gbóná dé ìwọ̀n ooru ìta, ọkọ̀ á sì wà ní títì pa nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Èbu kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ èbu ni eruku, ìyẹ̀fun òdòdó, fọ́nrán aṣọ, irun àti ìdọ̀tí ewé gbígbẹ. Irin tútù kì í bu fúnra rẹ̀, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló ń bu. Nítorí náà ni wọ́n fi fi fílítà éésì sẹ́nu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà lọ sí ara kọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ bébà tàbí fọ́nrán ike tí wọ́n ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú férémù, àwọn kan sì ní lúbúlúbú èédú láàárín tó ń fa òórùn èéfín ọkọ̀ mọ́ra. Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ fílítà yìí pọ̀ jù lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ẹ̀fúùfù ń gbé eruku Sàhárà wá láti àfonífojì Bòdélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì àti agbègbè rẹ̀. Eruku náà kúnná débi pé ó ń wọ inú ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì nígbà ọyẹ́ á wà níbẹ̀ di oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ọ̀rinrin sì dé bá a.

Ìwé ọkọ̀ sábà máa ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ fílítà lẹ́yìn bíi 15,000 sí 25,000 kìlómítà, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fún ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ìdajì ìwọ̀n yẹn dára jù. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń rí nínú ọ̀pọ̀ tọ̀kunbọ̀ kò kan ọ̀rọ̀ pípẹ́ tàbí àìpẹ́ rárá, torí pé fílítà kò sí níbẹ̀. Oníṣẹ́ kan ti yọ ọ́ sọnù nígbà kan rí, kí atẹ́gùn lè fẹ́ dáadáa. Ní tòótọ́, atẹ́gùn á fẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ náà lọ, kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló di fílítà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fílítà tí ènìyàn lè fọwọ́ yọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi rọ́pò pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra òògùn ìfọkọ́ìlì, ó yẹ kó dá òórùn tó ń gbọ́ mọ̀, nítorí pé ihò éésì kan náà ni oríṣiríṣi òórùn ń gbà jáde. Òórùn èbu máa ń le ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì rọlẹ̀. Tí òórùn náà bá dùn bí ohun àdídùn, tí ojú wíńsíkíríìnì sì ń ṣú pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́, omi rédíétọ̀ ló ń jò láti inú kọ́ìlì hítà. Tó bá jẹ́ òórùn bẹntiróòlù tàbí èéfín sálẹ́ńsà, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n gbé ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sì wá mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé èéfín sálẹ́ńsà ń pa ènìyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Òórùn òkú ẹran tó ń le sí i lójoojúmọ́, èkúté ló kú sínú búlówà tàbí sí ojú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Èyí wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí kan náà, fílítà sì ni ibi tí èkúté fẹ́ràn jù láti tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí.

Kápẹ́ẹ̀tì tó tutù náà máa ń rùn bí èbu, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọ kọ́ìlì lásán. Kí wọ́n ká róọ̀gì ẹsẹ̀ níwájú ìjókòó èrò, kí wọ́n sì tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ní pàtàkì ní ìdí ibi tó ti gun òkè lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí omi bá jáde, rọ́bà tó ń da omi éésì nù lè ti dí, tàbí kó jẹ́ omi òjò ló ń wọlé láti ìdí wíńsíkíríìnì tàbí láti rọ́bà ilẹ̀kùn. Láti mọ èyí tó jẹ́, wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ títẹ́jú lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, kí wọ́n tan éésì, kí wọ́n gba atẹ́gùn ìta wọlé, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lágbègbè tó lọ́rinrin, omi gbọ́dọ̀ ti máa kán lábẹ́ ọkọ̀, lápá ibi tí ìjókòó èrò iwájú wà. Tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, rọ́bà ti dí. Nígbà mìíràn, wọ́n á tiẹ̀ máa gbọ́ ìró omi tó ń ṣe gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù bí ọkọ̀ bá ń yà sí kọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ ni Tòyótà Kọ̀rólà tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2009 sí 2013 fún àwọn ará Amẹ́ríkà, torí pé ó pọ̀ lójú títì Nàìjíríà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ìdí fílítà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ Tòyótà mìíràn. Ẹ̀yìn píjìnhóòlù ni fílítà náà wà, lápá ọ̀tún ọkọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú píjìnhóòlù kúrò. Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á rí ọ̀pá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Orí irin kékeré kan ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n á rọra fà á yọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì píjìnhóòlù wọ inú, títí ike tó ń dá a dúró á fi kọjá etí rẹ̀, á sì wó wá sílẹ̀. Kò sí ìdè kan níbẹ̀ tó nílò súkúrúdiráfà. Ẹni tó bá ń fi agbára fà á láìtẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ ike náà.

Ìdérí dúdú gbọọrọ kan á hàn lẹ́yìn ibẹ̀, tí wọ́n fi ike kékeré há mú ní etí méjèèjì. Tí wọ́n bá tẹ àwọn ike náà, ìdérí á yọ, fílítà á sì hàn ní ìdùbúlẹ̀. Kí wọ́n rọra fà á jáde láìyí i sódì, nítorí pé búlówà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ohunkóhun tó bá sì já bọ́ á ṣubú sí àárín abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ewé, ìyẹ́ ẹyẹ, òkú kòkòrò àti ìgbẹ́ èkúté ni wọ́n sábà ń bá lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá rí ìgbẹ́ èkúté, kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ìbòmú bo imú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọ̀ funfun ni fílítà tuntun máa ń ní, àfi èyí tó ní èédú. Èyí tó bá ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tí àárín ìká rẹ̀ kún fún eruku, tàbí tí àmì omi àti èbu wà lára rẹ̀, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Àwọn kan máa ń fi ọṣẹ fọ ọ́ kí wọ́n sá a sóòrùn. Bébà á fẹ́ lẹ́yìn fífọ̀, ojú fọ́nrán rẹ̀ á ṣí, eruku kíkúnná á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí kò bá sì gbẹ tán á bẹ̀rẹ̀ sí í bu láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Atẹ́gùn alágbára tí àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà náà máa ń ya á. Ohun tí wọ́n lè ṣe sí fílítà tí kò tíì dọ̀tí púpọ̀ ni kí wọ́n gbọ́n ọn síta, kí wọ́n sì dá a padà. Bí wọ́n bá ń ra tuntun, kí wọ́n mú ti àtijọ́ lọ sí ọjà láti fi wọ̀n ọ́n. Fílítà tó kéré ju férémù lọ pẹ̀lú ìbú ìka kan á jẹ́ kí atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí fílítà kò sí ni.

Àmọ́ fílítà tuntun ni ohun tí wọ́n á fi sí i gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi í sí i, tó wá ń fọ kọ́ìlì lẹ́yìn náà, á rẹ fílítà rẹ̀ sínú omi òògùn.

Rọ́bà tó ń da omi nù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá fi fọ kọ́ìlì ibẹ̀ ló máa gbà jáde. Tí kò bá kán lábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì fi irin ìdúró tì í lábẹ́, torí pé jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹnu rọ́bà náà yọ síta lára irin ìpínyà, lápá èrò. Ẹrẹ̀, ewé tó ti jẹrà àti ilé agbọ́n ló sábà ń dí i. Ọ̀pá rọ́bà rírọ̀ tàbí atẹ́gùn tí kò lágbára ló yẹ kí wọ́n fi ṣí i. Wáyà líle tí wọ́n bá ń gún wọ inú lè dé ara kọ́ìlì kó sì lu aluminiọ́mù rẹ̀, ohun tí ì bá jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan á wá di ríra kọ́ìlì tuntun. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá ṣí, omi dídọ̀tí á tú jáde lójijì. Kí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ má dojú kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ kọ́ìlì. Òògùn tí wọ́n ṣe fún un máa ń wà nínú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ lórí, tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, tó sì ń jáde bí ìfófòó. Ìfófòó ló dára jù, torí pé ó ń wú wọ àárín àwọn ewé irin tó há, ó ń gbé ìdọ̀tí wọn jáde, á sì padà di omi tó lè ṣàn gba ìsàlẹ̀ lọ. Lára Kọ̀rólà yìí, ẹni tó bá fún un sí ojú fílítà lásán, orí búlówà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa dà sí. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n yọ búlówà náà. Abẹ́ píjìnhóòlù ni wọ́n ti ń rí i láti ìsàlẹ̀; wọ́n á yọ wáyà rẹ̀, wọ́n á tú ìdè mẹ́ta, á sì bọ́ sọ́wọ́. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti aṣọ ọlọ́rinrin nu àwọn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, torí pé eruku tó bá ti gan mọ́ wọn lára náà ń rùn, ó sì ń mú kí búlówà máa gbọ̀n.

Ihò tí búlówà fi sílẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tààrà lọ sọ́dọ̀ kọ́ìlì. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá àti aṣọ ìnura sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn orí wáyà tó wà nítòsí, kí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà ní yíyọ. Wọ́n á ti rọ́bà agolo náà wọ inú, sí ìhà àárín ọkọ̀, títí yóò fi kan kọ́ìlì, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń rọra fà á padà, kí ìfófòó lè bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Agolo kan gbáko ló sábà ń lọ sí i. Ogún ìṣẹ́jú ni kó wà níbẹ̀ tí ohun tí wọ́n kọ sára agolo kò bá sọ ohun mìíràn. Láàárín àkókò yẹn, omi aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú á máa kán lábẹ́ ọkọ̀, àwọ̀ omi yìí ló sì máa sọ bí kọ́ìlì náà ṣe dọ̀tí tó. Tó bá ṣì dúdú, wọ́n á tún un ṣe. Wọ́n lè fi ìfọ́nmi ọlọ́wọ́ fọ́n bíi lítà kan omi mímọ́ sí i láti ṣan òògùn náà kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ó má ju ohun tí rọ́bà ìsàlẹ̀ lè dà nù lọ. Omi tó bá kún àwo náà, inú ọkọ̀ ni yóò dà sí.

Nígbà tí búlówà bá ti padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n á ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á pa éésì, wọ́n á gba atẹ́gùn ìta wọlé, wọ́n á sì jẹ́ kí búlówà fẹ́ ní ìwọ̀n tó ga jù. Ìwé ọ̀pọ̀ òògùn á ní kí wọ́n tan hítà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kọ́ìlì lè gbẹ. Ìmọ̀ràn yìí dára ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti so họ́ọ̀sì hítà pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tó ti jò, omi gbígbóná kankan kò sì dé inú rẹ̀ mọ́. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, búlówà nìkan gbọ́dọ̀ fẹ́ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ tí oòrùn bá sì mú ni kí wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà. Ìgbà yìí ni fílítà tuntun á wá wọlé, kí ọfà tó wà létí rẹ̀ kọjú sókè lára Kọ̀rólà. Lára ọkọ̀ mìíràn, ibi tí atẹ́gùn ń lọ ni ọfà náà ń tọ́ka sí, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n wo bí ti àtijọ́ ṣe wà kí wọ́n tó yọ ọ́.

Irú agolo kejì kan wà tí wọ́n kàn ń gbé sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n á tan éésì, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn inú ọkọ̀ máa yí po, wọ́n á tẹ orí agolo mọ́lẹ̀ kó máa tú fúnra rẹ̀ nítòsí ìsàlẹ̀ píjìnhóòlù, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn pa láìsí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ó ń pa òórùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé eruku tó ti di ẹrẹ̀ kúrò láàárín irin. Ẹni tó bá ń lò ó lóṣooṣù ń fi owó rẹ̀ ṣòfò, kọ́ìlì rẹ̀ ń bẹ fún fífọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kó dé ìdí kọ́ìlì rárá. Háípò ń jẹ aluminiọ́mù, èéfín rẹ̀ sì ń jó àyà ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ásíìdì tí àwọn kan fi ń fọ éésì ilé lágbára jù fún irin tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́fínńdà tí wọ́n ń fi kọ́ sẹ́nu ihò éésì kàn ń bo òórùn náà mọ́lẹ̀ ni. Kànfọ̀ tí wọ́n ń jù sábẹ́ ìjókòó ló burú jù nínú wọn: èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó pé jẹ́, àìtó èròjà yìí sì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fún ẹni tó ní ikọ́ fée, èbu inú éésì àti lọ́fínńdà tí wọ́n fi bò ó jọ ń dá ìyọnu kan náà sílẹ̀ ni.

Kọ́ìlì tó mọ́ á tún bu tí wọ́n bá ń pa á mọ́ ní tútù lójoojúmọ́. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò gba owó: nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọkọ̀ dé ibi tó ń lọ, kí awakọ̀ pa bọ́tìnnì éésì, kó má pa búlówà, kó sì gba atẹ́gùn ìta wọlé. Atẹ́gùn tí kò tutù náà á gbẹ omi ara kọ́ìlì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó bójú mu kí atẹ́gùn inú ọkọ̀ máa yí po kí èéfín ọkọ̀ iwájú má bàa wọlé, ṣùgbọ́n kí awakọ̀ rántí yí i padà kó tó dúró. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan tí Hùńdáì àti Kíà ṣe máa ń ṣe é fúnra wọn: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, búlówà á tún dìde fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti wà ní títì, èyí sì ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Kí wọ́n sì máa ṣa ewé kúrò ní ìdí wáípà, ibi tí atẹ́gùn ìta ń gbà wọlé, pàápàá tí ọkọ̀ bá ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù.

Nígbà mìíràn, òórùn á padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọ́n tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, tí fílítà tuntun wà níbẹ̀, tí omi ń kán dáadáa, tí kápẹ́ẹ̀tì sì gbẹ. Ìdọ̀tí náà ti wọ ibi tí ìfófòó kò dé, tàbí kí ọ̀dà tí wọ́n fi kun kọ́ìlì nílé-iṣẹ́, èyí tó ń jẹ́ kí omi yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ti ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ dáṣíbọ́ọ̀dù kalẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á fi ẹ̀rọ fa gáàsì R134a inú éésì sínú sìlíńdà rẹ̀, kò ní tú u sáfẹ́fẹ́. Gáàsì tó bá tú jáde lójijì lè jó ọwọ́ bí iná bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tutù, ó sì wà lára àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná sí i. Á yọ orí bátìrì, á sì dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan nítòsí éábáàgì, kí agbára iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán.

Tí kọ́ìlì bá ti jáde, ojú ló máa sọ èyí tó kàn. Èyí tó dọ̀tí lásán, omi tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ àti òògùn á fọ̀ ọ́ mọ́. Èyí tó bá ti ní àmì ọ̀rá lára, gáàsì ti ń jò níbẹ̀. Èyí tó sì ti ń ṣí bí ìyẹ̀fun funfun, irin rẹ̀ ti ń jẹrà. Méjèèjì kò yẹ ní dídá padà, nítorí pé owó iṣẹ́ títú dáṣíbọ́ọ̀dù lè ju owó kọ́ìlì tuntun lọ. Tọ̀kunbọ̀ kọ́ìlì lè ti ní èbu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àwọn rọ́bà róbótó tó wà ní ìdí páìpù, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á sì fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì tuntun sí iye tí wọ́n kọ sára bébà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí onímọ́tò tó gba ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tan éésì lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: tí omi kò bá kán, wọ́n gbàgbé láti ti rọ́bà ìdominù padà sẹ́nu ihò rẹ̀.